Yíyọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí kúrò lórí àwòrán Bàbá

Obìnrin kan tí bàbá rẹ̀ papòdà ní ẹni ọdún 84 wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìpè àti kàlẹ́ńdà. Àwòrán kan péré ni àwọn ọmọ Bàbá fẹnu kò sí fún ojú ewé kejì ìwé náà. Bàbá jókòó sórí àga nínú agbádá sányán, ó ń rẹ́rìn-ín, bàtà tuntun sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọn kò fi kámẹ́rà ya àwòrán yìí o. Inú fídíò ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún Bàbá ni wọ́n ti yọ ọ́, sìkírínṣọ́ọ̀tì orí fóònù ni, ẹni tó ṣe fídíò náà sì ti tẹ ọ̀rọ̀ funfun kan sí ìsàlẹ̀ pátápátá pé, «A dúpẹ́, Bàbá pé ọgọ́rin ọdún». Ọ̀rọ̀ yẹn kò lè wọ inú ìwé ìsìnkú ẹni ọdún 84.

«Bọ̀dá, ẹ bá mi pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé bàtà Bàbá o. Èmi ni mo ra bàtà yẹn fún wọn.»

Ọ̀rọ̀ bàtà yìí ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parí ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wà létí àwòrán, gígé etí náà dànù ni ọ̀nà tó yá jù, òun náà ló sì mọ́ jù, torí kò ní fi ohunkóhun tí kì í ṣe òótọ́ sínú àwòrán. Ṣùgbọ́n bí mo bá gé e lókè ọ̀rọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ Bàbá yóò lọ láti kókósẹ̀. Mo wá bi í bóyá fídíò náà fúnra rẹ̀ ṣì wà. Ní ìgbà mìíràn, ọ̀rọ̀ orí fídíò jẹ́ èyí tí a lè fi bọ́tìnì pa, tí ènìyàn yóò sì ya sìkírínṣọ́ọ̀tì mìíràn tó mọ́ tónítóní. Ó ní ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ àwọn nìyẹn, wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tó ya fídíò náà kò sì ní ẹ̀dà tí kò ní ọ̀rọ̀ mọ́. Ó kù kí á yọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́.

Èyí tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ gba orí WhatsApp wá gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, WhatsApp sì ti dín in kù. Mo ní kí ó tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì, kí ó sì wá gbogbo sìkírínṣọ́ọ̀tì tó bá ti yà láti inú fídíò kan náà. Mẹ́ta ni ó rí. Mo dúpẹ́ lẹ́yìn náà pé mo béèrè.

Àwòrán tí a fẹ́ lò jẹ́ píkísẹ́lì 1080 ní fífẹ̀ àti 2400 ní gíga, nítorí pé òró ni ó di fóònù rẹ̀ mú nígbà tó yà á. Àárín ni fídíò wà, dúdú ṣíṣú sì wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Ojú kánjúkánjú tí mo fi wò ó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà wà láàárín àwòrán, pé ààyè pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, mo bá yan àwọn lẹ́tà náà nínú GIMP, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, mo lọ sí `Filters > Enhance > Heal Selection`, èyí tó máa ń wà níbẹ̀ bí ènìyàn bá ti fi àfikún tí wọ́n ń pè ní Resynthesizer sí i, mo sì tẹ OK. Lẹ́tà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àbàwọ́n dúdú bíi èéfín àtùpà wà ní ìsàlẹ̀ agbádá Bàbá àti lórí rọ́ọ̀gì.

Ìdí rẹ̀ kò farasin bí a bá mọ bí irinṣẹ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò mọ ohun tó wà lábẹ́ lẹ́tà, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n, nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ bò ti lọ kúrò nínú fáìlì náà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wo àyíká ibi tí a yàn, dé píkísẹ́lì 50 bí a kò bá yí i padà, ó sì ń mú ègé láti àyíká náà wá dí ihò. Lábẹ́ lẹ́tà wa, kí ènìyàn tó ka píkísẹ́lì 20 sísàlẹ̀, àwòrán ti tán, ìyókù dúdú ni. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ju ìdajì ohun tí irinṣẹ́ náà rí lábẹ́ lọ tó jẹ́ dúdú lásán, ó sì lò ó láìṣe ojúsàájú. Etí fídíò ni etí tó yẹ kí n ṣọ́, kì í ṣe etí sìkírínṣọ́ọ̀tì.

Mo pa gbogbo rẹ̀ tì, mo tún fáìlì ṣí, mo sì gé dúdú náà kúrò kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí á mọ̀. Fídíò tí fífẹ̀ rẹ̀ sí gíga rẹ̀ jẹ́ 16 sí 9, tí a bá fún un ní fífẹ̀ 1080, gíga rẹ̀ yóò jẹ́ 607 àti ààbọ̀. Kò sí ààbọ̀ píkísẹ́lì, nítorí náà ìtò kan lè wà ní etí tó jẹ́ àdàpọ̀ àwòrán àti dúdú. Mo fi ojú ìwòye sí 800%, mo sì rí i lóòótọ́, ìtò kan tó ṣókùnkùn díẹ̀ ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ. Bí a bá fi í sílẹ̀, gbogbo ohun tí a bá tún dí lẹ́bàá rẹ̀ ni yóò máa kó òkùnkùn rẹ̀. Mo gé òun náà kúrò, àwòrán sì ku 1080 sí 606.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yíyan àwọn lẹ́tà. Mo lo `Select by Color` lórí funfun lẹ́tà, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ fi onígun mẹ́rin yí ọ̀rọ̀ náà ká, mo sì ní kí ó mú kìkì èyí tó bọ́ sínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eyín Bàbá àti òwú fìlà rẹ̀ yóò bá a lọ. Funfun nìkan kò tó. Lẹ́tà wọ̀nyí ní etí dúdú tín-ín-rín yí ká, lẹ́yìn etí dúdú yẹn sì tún ni ìdọ̀tí tí fífún fídíò pọ̀ máa ń dá sílẹ̀: ojú kì í tètè rí i, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, pàápàá nínú àwọ̀, nítorí pé ìdajì fífẹ̀ àti ìdajì gíga ni fídíò sábà máa ń fi àwọ̀ pamọ́ sí, àwọ̀ lẹ́tà á sì ṣàn kọjá ojú ìlà rẹ̀. Mo fi `Select > Grow` fẹ ibi tí mo yàn ní píkísẹ́lì 2, mo dí i láti dán an wò, òjìji lẹ́tà ṣì hàn bí ìgbà tí wọ́n bá nu ọ̀rọ̀ kúrò lójú pátákó láìlo omi. Nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́ dé 5, òjìji náà lọ.

Fífẹ̀ yìí ni etí àwòrán máa ń kọjú ìjà sí. Bí ọ̀rọ̀ bá wà láàárín àwòrán, a lè fẹ̀ ẹ́ ní 10 tàbí 12 láìbẹ̀rù. Níbi tiwa, ara lẹ́tà jìnnà díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó ku ìtò mélòó kan lẹ́yìn tí mo fẹ̀ ẹ́ tán. Àmọ́ ìrù wà lára p àti g, ìrù náà sì gùn: lẹ́yìn fífẹ̀, ìtò píkísẹ́lì 4 péré ló ṣẹ́ kù láàárín rẹ̀ àti etí. Mẹ́rin yìí, mo ṣọ́ wọn bí ojú. Òun ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí a ní nípa ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ yẹn. Bí ibi tí a yàn bá kan etí, apá ìsàlẹ̀ kò ní ohun tí irinṣẹ́ lè dì mú, yóò sì kàn máa fa ohun òkè wá sísàlẹ̀ títí yóò fi ṣú tàbí kí ó lọ́.

Èdè wa tún dá tirẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmì mẹ́rin ló wà lábẹ́ lẹ́tà: ọ̀kan lábẹ́ ẹ nínú «dúpẹ́», méjì nínú «ọgọ́rin», ọ̀kan nínú «ọdún». Wọ́n kéré débi pé fídíò ti sọ funfun wọn di eérú, `Select by Color` kò sì mú wọn mọ́ àwọn lẹ́tà. Nígbà tí mo dí gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì, mẹ́rin yẹn jókòó síbẹ̀ bí eruku, mo sì ti fẹ́ rò pé àbàwọ́n lásán ni kí n tó ka iye wọn. Láti ìgbà náà, mo máa ń ka àmì inú ọ̀rọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń fi `Quick Mask` kun wọn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí n tó tẹ̀síwájú, mo gbìyànjú ọ̀nà kúkúrú kan, torí ọmọ iṣẹ́ wa mọ èdè kọ̀ǹpútà Python díẹ̀, ó sì ní ìlà mélòó kan ni yóò parí rẹ̀.

```python
import cv2
img = cv2.imread("baba.png")
mask = cv2.imread("iboju.png", 0)
out = cv2.inpaint(img, mask, 3, cv2.INPAINT_TELEA)
cv2.imwrite("abajade.png", out)
```

`iboju.png` ni ibi tí a yàn, funfun níbi tí lẹ́tà wà, dúdú níbi tó kù. Ọ̀nà tí wọ́n fi orúkọ Telea pè yìí, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 2004, ń bẹ̀rẹ̀ láti etí ihò, ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìpíndọ́gba àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí a ti mọ̀. Ó dára fún ìlà tín-ín-rín àti àmì kékeré. Àmì mẹ́rin yẹn, ó pa wọ́n rẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba kò lè hun aṣọ. Lórí agbádá, gbogbo ìlà híhun sányán dà bí àmàlà tí wọ́n fi ọwọ́ pa, ní ìdí p sì ni kùrukùru kan wà tó fa gbọọrọ lọ sí etí. A kò lò ó.

Àwòrán náà pín sí ọ̀nà mẹ́rin lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀. «Bàbá pé» wà lórí rọ́ọ̀gì pupa, òun ló rọrùn jù. Rọ́ọ̀gì náà gòkè tó nǹkan bíi píkísẹ́lì 90 lókè lẹ́tà, kò sì ní ọnà kankan. Mo yan lẹ́tà ibẹ̀ nìkan, mo padà sí `Heal Selection`, mo sì yí `Sample from` kúrò ní `All around` sí `Above and below`. Ìyípadà yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní `All around` nígbà tí a ń ṣe é ní apá kan apá kan, irinṣẹ́ náà yóò wo ẹ̀gbẹ́, yóò rí àwọn lẹ́tà tí a kò tíì yọ, yóò sì kó ègé wọn wá sínú ihò. Mo ti rí i tí ìdajì lẹ́tà á hù jáde níbi tí a ti yọ òmíràn kúrò. Pẹ̀lú `Above and below`, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń wò, ìsàlẹ̀ kò sì ní púpọ̀, nítorí náà òkè ló gbé iṣẹ́ náà, rọ́ọ̀gì sì wà lókè. Ó mọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan.

«A dúpẹ́» wà lórí agbádá. Sányán ní ìlà híhun tó ń lọ sísàlẹ̀, ẹni tó bá mọ aṣọ òkè yóò sì rí i kíá bí ìlà kan bá ṣẹ́ tàbí bí ó bá sún. N kò fi ibí yìí sílẹ̀ fún `Heal Selection`. `Clone` ni mo mú, irinṣẹ́ tó ń da ibì kan kọ sí ibòmíràn. Mo di Ctrl mú, mo tẹ orí ìlà kan ní píkísẹ́lì 60 sókè lẹ́tà, lórí ìlà yẹn gan-an, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí kùn ún láti òkè sísàlẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ ju ìlà kan lọ díẹ̀. Nítorí pé agbádá náà ṣẹ́ po díẹ̀ nísàlẹ̀, ìlà rẹ̀ yà sí ọ̀tún bí ó ti ń sún mọ́ etí, ìtò mẹ́rin tí mo ṣọ́ yẹn ló sì sọ fún mi bí ó ti yà tó. Mo kùn láti òkè títí ìlà òkè fi pàdé ti ìsàlẹ̀, mo sún orísun ní píkísẹ́lì kan sí òsì, mo tún un ṣe. Láìsí mẹ́rin yẹn, tààrà ni ǹ bá fa ìlà náà dé etí, aṣọ Bàbá ì bá sì dà bí aṣọ tí a lẹ̀ mọ́ pátákó.

Àwọn kan á ní kí n lo `Heal` dípò `Clone`, nítorí pé ó ń mú àwọ̀ bá àyíká mu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àyíká náà ni ó ń gbé wọlé, bí lẹ́tà funfun tàbí etí dúdú bá sì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò fi ìdọ̀tí rẹ̀ ra ibi tí a ń kùn. `Clone` títí lẹ́tà yóò fi tán pátápátá, lẹ́yìn náà ni `Heal` lè wá tẹ́ ojú rẹ̀.

Lórí táìsì, níbi tí «ọgọ́rin ọdún» wà, ojú táìsì kò ṣòro, ìlà sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín wọn ni ó le. Mẹ́ta nínú ìlà wọ̀nyí gba abẹ́ lẹ́tà kọjá lọ sí etí, wọ́n sì dagun bí ilẹ̀ ṣe ń súnmọ́ kámẹ́rà. Mo dí ojú táìsì pẹ̀lú `Above and below` bíi ti rọ́ọ̀gì, ìlà sìmẹ́ǹtì sì ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí mo ti retí. Mo wá tún wọn fà pẹ̀lú `Clone`: orísun lórí ìlà náà lókè, mo tẹ ẹ̀ẹ̀kan níbi tí ìlà ti ṣẹ́, mo di Shift mú, mo tẹ ìsàlẹ̀ níbi tí ìyókù rẹ̀ ṣì hàn ní etí, GIMP sì fà á tààrà láti ibì kan dé èkejì.

Ó wá ku bàtà. Imú bàtà òsì wà ní abẹ́ kọ́mà lẹ́yìn «dúpẹ́» àti ẹsẹ̀ B. Kò sí ohun tó jọ ọ́ ní àyíká, kò sí irinṣẹ́ tó lè mọ bí imú bàtà kan ṣe rí láti ara rọ́ọ̀gì, èyíkéyìí tí mo bá sì yà yóò jẹ́ bàtà tèmi, kò ní jẹ́ èyí tí ọmọ ra. Nínú sìkírínṣọ́ọ̀tì mẹ́ta tó fi ránṣẹ́, Bàbá kò mì nínú méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya fídíò ti rẹ kámẹ́rà sílẹ̀ díẹ̀ nínú èkejì, bàtà náà sì gòkè kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀. Mo gé èkejì náà bí mo ti gé ti àkọ́kọ́, mo gbé e lé orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpele ọ̀tọ̀, mo dín híhàn rẹ̀ kù sí 50%, mo sún un títí okùn bàtà méjèèjì fi bá ara wọn mu, mo dá híhàn rẹ̀ padà sí 100%, mo sì nu gbogbo rẹ̀ kúrò àfi imú bàtà. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ wà, `Curves` mú un bọ̀ sípò.

Láti mọ̀ bóyá àtúnṣe náà hàn, mo ṣe ohun méjì. Mo dorí àwòrán kodò, kí ojú má baà máa lọ sí ojú Bàbá, mo sì wo ìsàlẹ̀ ní 200% láti ọ̀tún dé òsì. Àbàwọ́n kékeré kan lórí táìsì ti di ìbejì, ọ̀kan nísàlẹ̀ èkejì, torí pé `Heal Selection` dà á kọ. Mo pa ọ̀kan rẹ́. Lẹ́yìn náà mo wo bí ojú ṣe rí: gbogbo fídíò ní kóró wẹ́wẹ́, ibi tí a bá sì kun púpọ̀ máa ń dán ju ibi tó kù lọ. Lórí agbádá ni ó ti hàn, mo sì fi `RGB Noise` díẹ̀ sí ibẹ̀ nìkan títí tí kò fi yàtọ̀ mọ́.

Ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 9, píkísẹ́lì 1080 fún wa ní nǹkan bíi 305 nínú ínṣì kan, èyí tó tó fún ojú ewé ìwé ètò. Mo sọ fún un pé kò lè di àwòrán ńlá fún bánà ẹnu ọ̀nà, nítorí bí a bá fẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àtúnṣe agbádá yẹn yóò hàn sí ẹni tó bá dúró tì í. Mo fi PNG pamọ́, mo sì fún un ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó ṣì ní ọ̀rọ̀ lórí, torí ọjọ́ ìbí yẹn náà jẹ́ ìtàn ilé wọn.

Nígbà tí a tẹ ẹyọ kan jáde fún un láti wò, kò wo agbádá rárá. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó fi ìka tọ́ imú bàtà òsì, ó ní, «Ẹ tẹ 300.»